Géèmù ọ̀fẹ́ tí kò ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ: ìpolówó, fídíò ẹ̀bùn àti kọ́ìnì títà

ÒpóńAyò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń ṣe géèmù àdììtú kan fún fóònù. Ọ̀fẹ́ ni, ìpele 120 ló ní, ìpele kọ̀ọ̀kan sì máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 2. Mo fẹ́ fi ìpolówó abojú sí àárín ìpele, fídíò ẹ̀bùn fún ẹni tó bá fẹ́ ìtọ́ka, kí n sì máa ta kọ́ìnì àti «Mú ìpolówó kúrò». Bí mo ṣe ṣe é báyìí: ẹni tó bá yege ìpele kan gba kọ́ìnì 15, ìtọ́ka kan jẹ́ kọ́ìnì 45, fídíò kan ń fúnni ní kọ́ìnì 10, páálí kọ́ìnì 400 sì jẹ́ dọ́là 0.99. Báwo ni kí n ṣe tún un tò tí owó á fi wọlé láì rẹ́ ẹni tó ń gbá a jẹ?

---

JagunÈrè

Kọ́ìnì 10 fún fídíò ti pọ̀ jù. Sọ ọ́ di 5. Tí ọ̀fẹ́ bá ti dùn jù, kò sí ẹni tó máa ra nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, mú kí ìpele 15 le dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń fẹ́ràn géèmù dé ibi tí wọn ò ní fẹ́ fi sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti sanwó. Ìpolówó abojú, gbogbo ìpele ni kó ti máa jáde. Àwọn tó ń rà kì í pọ̀, àwọn díẹ̀ yẹn náà ló ń gbé owó wá. Àwọn yòókù, ìpolówó ni wọ́n fi ń san tiwọn.

---

BàbáKóòdù

ÒpóńAyò, kí o tó fọwọ́ kan ìpolówó rárá, gbé ìtọ́ka kan kalẹ̀ kí o sì bi ara rẹ pé: èló ni ní ìṣẹ́jú, èló ni ní fídíò, èló ni ní owó? Iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Tí wọn ò bá bára mu, ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta tí o là sílẹ̀ á jẹ́ ìtànjẹ lásán.

Bí tìrẹ ṣe rí nìyí. Ìpele 3 ló ń mú kọ́ìnì 45 wá, ìyẹn ìṣẹ́jú 6. Ó dára, ẹni tó ní sùúrù lè fi gbígbá rà á. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà fídíò, ẹni náà gbọ́dọ̀ wo fídíò 5 kó tó rí ìtọ́ka 1. Tí fídíò kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 30, ìṣẹ́jú 2 ààbọ̀ ló fi ń wo ìpolówó nígbà tí àdììtú kan ṣoṣo ń dí i lọ́wọ́. Á wo ọ̀kan, á rí i pé kò tó, á sì kúrò. Fídíò àkọ́kọ́ yẹn ti mówó wá fún ọ, òun ò sì rí ohun tó ń wá gbà. Ìrẹ́jẹ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́tìnnì náà sọ òótọ́. Tí o bá wá sọ ọ́ di 5 bí JagunÈrè ṣe wí, fídíò 9 ni ìtọ́ka kan.

Páálí rẹ náà ní àléébù tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́ìnì 400 pín sí 45 jẹ́ ìtọ́ka 8, ó ku kọ́ìnì 40 tí kò lè ra ohunkóhun. Ẹni tó sanwó á máa wo 40 yẹn, ó ku 5 péré kó pé, ọkàn rẹ̀ á sì máa fà sí páálí mìíràn. Ọ̀pọ̀ géèmù ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Má ṣe é. Jẹ́ kí iye páálí máa pín sí iye ọjà rẹ láì ní àṣẹ́kù.

Bí èmi yóò ṣe tò ó: fídíò 1 fún ìtọ́ka 1, tààrà, kì í ṣe kọ́ìnì. Kí bọ́tìnnì náà wà lójú ìpele níbi tí èèyàn ti há, kí ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé «Wo fídíò, gba ìtọ́ka 1». Fi ìwọ̀n sí i, 5 lóòjọ́. Páálí dọ́là 0.99 ní kọ́ìnì 900, ìyẹn ìtọ́ka 20 gééré. Ìpele tó ń mú kọ́ìnì 15 wá kò yí padà.

Yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Ìtọ́ka 20 jẹ́ ìpele 60 fún ẹni tó ń fi gbígbá rà á, nǹkan bíi wákàtí 2. Fún ẹni tó ń wo fídíò, ọjọ́ 4 ni. Fún ẹni tó sanwó, lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló rí ohun kan náà gbà, ohun tó yàtọ̀ ni ohun tó fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá béèrè iye tí ohunkóhun jẹ́, wàá lè dá a lóhùn láì fi ìkankan pamọ́.

---

JagunÈrè

Bàbá, mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ìtọ́ka 5 lọ́fẹ̀ẹ́ lóòjọ́! Ta ni yóò tún ra páálí? Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ti ilẹ̀kùn ọjà nìyẹn.

---

BàbáKóòdù

Kì í ṣe ọ̀fẹ́, JagunÈrè. Ẹni tó ń wo fídíò ń san nǹkan. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iye tí ó ń hàn lórí AdMob, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìpolówó ti Google, ni eCPM, owó tó ń wọlé lórí ìpolówó 1000:

```
eCPM = owó / iye_ìpolówó * 1000
```

Ká ní ti fídíò ẹ̀bùn rẹ jẹ́ dọ́là 10. Mo ní ká ní, nítorí pé láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ó lè fi ìlọ́po mẹ́wàá yàtọ̀, tìrẹ ni kí o fi ṣe ìṣirò. Fídíò 20 á mú dọ́là 0.20 wá. Páálí dọ́là 0.99, tí o bá wà lábẹ́ ètò tí wọ́n ti ń yọ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, á kù dọ́là 0.84. Lórí ìtọ́ka 20 kan náà, ẹni tó ra mú ju ìlọ́po 4 ohun tí ẹni tó ń wo fídíò mú wá. Kò sí ìdí láti fìyà jẹ ẹni tó ń wo fídíò kí ẹni tó ń rà tó rí ìdí tó fi yẹ kó rà. Ọjọ́ 4 tí kò ní dúró ló ń rà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti tọ́ ni pé fídíò tí kò ní òǹkà rárá máa ń pa ọjà. Tí èèyàn bá lè wo 30 lóòjọ́, kọ́ìnì kò ní níye mọ́, ìpele náà kò sì ní dùn mọ́ torí ìtọ́ka ló ń bá a gbá a. Nítorí náà ni mo ṣe fi 5 sí i. Kì í ṣe iye mímọ́, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kí o wo bí àwọn èèyàn ṣe ń lò ó. Bí àwọn tó dé 5 lóòjọ́ bá pọ̀, má sáré gbé òǹkà náà sókè. Kọ́kọ́ wo ìpele tí wọ́n ti ń lò ó, ó lè jẹ́ ìpele náà ló burú.

---

Àbẹ̀kẹ́_D

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ ìpele 15 yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ìrẹ́jẹ máa ń fara pa mọ́ sí. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ mú ìpele kan le kí wọ́n lè ra ìtọ́ka, ó ń ta oògùn àìsàn tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Owó á ga díẹ̀, inú olùṣe á dùn. Ohun tí kì í wò ni àwọn tó lọ tí wọn ò padà wá.

ÒpóńAyò, ṣe báyìí. Fún ìpele kọ̀ọ̀kan, kọ iye èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, iye tó yege láàárín ìgbìyànjú 3, iye tó lo ìtọ́ka, àti iye tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n gbá kẹ́yìn tí wọn ò ṣí géèmù mọ́ fún ọjọ́ 7. Ya àwọn tí kò tíì wo fídíò tí kò sì tíì ra nǹkan kan rí sọ́tọ̀, àwọn ni òṣùwọ̀n tí kì í parọ́. Àwọn tó lo ìtọ́ka máa ń jẹ́ kí ìpele tó burú dà bí ẹni pé ó rọrùn.

Ká ní o rí i nínú ẹgbẹ́ yẹn pé, nínú èèyàn 100 tó bẹ̀rẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan, 82 ló yege ìpele 14 láàárín ìgbìyànjú 3, 41 ló yege ìpele 15, 79 sì yege ìpele 16. Ìpele 15 yẹn kì í ṣe ìpèníjà, kòtò ni. Ìpele tó le dáadáa máa ń ní èyí tó jọ ọ́ nítòsí, kì í dá dúró láàárín àwọn tó rọrùn. Tí iye àwọn tó fi géèmù sílẹ̀ níbẹ̀ bá sì jẹ́ ìlọ́po 3 ti ìpele tó yí i ká, o ti mọ ohun tó ń ná ọ.

Ọ̀nà láti mọ̀ bóyá kòtò náà ń mówó wá lóòótọ́ ni pé kí o pín àwọn tuntun sí méjì nípa Remote Config, irinṣẹ́ Google tó ń jẹ́ kí o yí ètò géèmù padà láti òkèèrè. Ẹgbẹ́ kan gba ìpele 15 bó ṣe wà, ìkejì gba èyí tí o tún ṣe. Má fi owó ọjọ́ 3 dá ẹjọ́. Dúró títí wọ́n á fi pé ọjọ́ 30, kí o wá pín gbogbo owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú wá, ti ìpolówó àti ti ọjà papọ̀, fún iye èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, pẹ̀lú àwọn tó ti lọ. Ibẹ̀ ni àwọn tó sá lọ ti máa ń hàn nínú ìṣirò, torí ẹni tó lọ ní ọjọ́ kejì kò wo ìpolówó kankan ní ọjọ́ 28 tó kù.

Ìlànà kan tí mi ò lè fi sílẹ̀: ẹni tí kò wo fídíò kan, tí kò san kọ́bọ̀, gbọ́dọ̀ lè parí ìpele 120 náà. Kó pẹ́ fún un, kò burú. Kó má ṣeé ṣe rárá, ìyẹn kì í ṣe géèmù ọ̀fẹ́ mọ́.

---

ÌyáÈjìrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ mi ọdún 8 fi fóònù mi ra kọ́ìnì nínú géèmù kan, bọ́tìnnì tó máa ń tẹ̀ láti tún un gbá ni wọ́n sọ di ti rírà. Báwo ni mo ṣe máa dí i?

---

Àbẹ̀kẹ́_D

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ohun tí à ń sọ níbí ni bí àwọn tó ń ṣe géèmù ṣe lè ṣètò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kan wá. Ẹ ṣí Play Store, ẹ wọ ètò rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìjẹ́rìísí fún rírà, kí ẹ yàn án pé kó máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí ìka fún gbogbo ohun rírà, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 30. Fún èyí tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ béèrè owó yín padà láti inú àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ rà. Ẹ má fi falẹ̀, bí ó bá ti ń pẹ́ ni ó ń ṣòro sí i.

ÒpóńAyò, ohun tí Ìyá sọ nípa bọ́tìnnì yẹn ni kí o mú. Ní December 2022, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, ìyẹn FTC, kéde pé Epic Games tó ni Fortnite á san mílíọ̀nù 245 dọ́là, kí wọ́n fi dá owó padà fún àwọn oníbàárà. Lára ẹ̀sùn náà ni pé bọ́tìnnì wọn rúni lójú, èèyàn lè fi títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ra ohun tí kò ní lọ́kàn, àwọn ọmọdé sì ń rà láìsí àṣẹ òbí. Nítorí náà, bọ́tìnnì tó ń náwó, kódà tó bá jẹ́ kọ́ìnì ló ń ná, kò gbọ́dọ̀ dúró síbi tí «Tún gbá» máa ń wà, àwọ̀ wọn kò sì gbọ́dọ̀ jọra.

---

Fìlà_Gọ̀bì

Ẹ kú àlàyé. Tèmi kì í ṣe àdììtú, eré ìje mọ́tò ni, ìje kan kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá 40 lọ. Mo fi ìpolówó abojú sí ẹ̀yìn ìje mẹ́ta-mẹ́ta, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń kérora pé ó pọ̀ jù. Ṣé kí n sọ ọ́ di márùn-ún-márùn-ún?

---

BàbáKóòdù

Má ka ìje, àkókò ni kí o kà. Ìje 3 jẹ́ ìṣẹ́jú 2 péré. Ẹni tó yára á rí ìpolówó ju ẹni tó ń fà lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó yára ló fẹ́ràn géèmù rẹ jù. Fi ìṣẹ́jú 3 ó kéré tán sáàárín ìpolówó kan sí èkejì, ó lè jẹ́ 4 fún tìrẹ. Tí àkókò bá pé nígbà tí ìje ń lọ lọ́wọ́, dúró kí ìje parí. ÒpóńAyò, kan náà ni fún ìwọ, torí ìpele rẹ kan lè gba ìṣẹ́jú 1, òmíràn ìṣẹ́jú 6.

```kotlin
fun canShowInterstitial(now: Long): Boolean =
    !removeAds &&
    levelsDone >= 5 &&
    now - lastFullScreenAd >= 180_000L
```

Wo `lastFullScreenAd` dáadáa. Fídíò ẹ̀bùn náà gbọ́dọ̀ máa tún un kọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìṣẹ́jú-àáyá 30 wo fídíò láti gba ìtọ́ka, tó yege tán, tí o wá tún fi ìpolówó mìíràn bò ó lójú, o ti san ẹ̀san burúkú fún un. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé èyí nítorí pé fáìlì ọ̀tọ̀ ni kóòdù méjèèjì wà.

Ibi tó ti ń jáde ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Òfin Google Play tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 30 September 2022 kò gba ìpolówó abojú tó ń yọ sí èèyàn lójijì nígbà tó yan láti ṣe nǹkan mìíràn. Kò gba èyí tó ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpele, kò sì gba èyí tí èèyàn kò lè pa lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 15. Fídíò ẹ̀bùn tí èèyàn fúnra rẹ̀ yàn kò sí lára èyí. Nítorí náà má fi í sí ẹ̀yìn bọ́tìnnì «Tẹ̀síwájú», torí ìpele ló tẹ̀ ẹ́ fún. Jẹ́ kí ìpele parí, dúró fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 1 kí ìka rẹ̀ kúrò lójú fóònù, fi ìpolówó hàn, lẹ́yìn náà kí ojú ìwé àbájáde wá jáde pẹ̀lú «Tẹ̀síwájú» nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 1 yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Tí ìpolówó bá jáde nígbà tí ìka ṣì ń tẹ ojú fóònù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ láì fẹ́, AdMob á sì kà á sí títẹ̀ tí kò mọ́. Wọ́n lè yọ owó rẹ̀, wọ́n sì lè ti àkáǹtì rẹ pa.

---

JagunÈrè

Ìṣẹ́jú 3 yẹn mo gbà. Ṣùgbọ́n ìpele 5 àkọ́kọ́ láìsí ìpolówó kankan, bí kóòdù yẹn ṣe wí? Àwọn tó ń lọ lẹ́yìn ìpele 4 pọ̀ gan-an, ẹ ò ní rí nǹkan kan lára wọn.

---

Àbẹ̀kẹ́_D

Òótọ́ ni, ẹ ò ní rí i. Ẹni tó máa gbá ìpele 4 péré, ìpolówó 1 tàbí 2 ló máa wò. Ẹni tó bá dúró fún oṣù kan á wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ìpolówó àkọ́kọ́ bá lé ẹnì kan ṣoṣo nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ náà ṣe ìṣirò rẹ̀. Mi ò ní bá ọ jà lórí 5 tàbí 3 ṣá, ìyẹn á yàtọ̀ láti géèmù sí géèmù.

---

ÒpóńAyò

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti yí fídíò padà sí ìtọ́ka 1. Àmọ́ nígbà tí mo dán an wò, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀: nígbà mìíràn bọ́tìnnì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n fídíò kò jáde; ìgbà mìíràn fídíò parí, ìtọ́ka kò wọlé. Kí ló fà á?

---

BàbáKóòdù

Èkíní: o ń fi bọ́tìnnì hàn kí fídíò tó dé. Béèrè fídíò nígbà tí ìpele bẹ̀rẹ̀, má dúró dìgbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì. Èyí tí o ti gbà sílẹ̀ kì í pẹ́ ju wákàtí 1 lọ lórí AdMob, lẹ́yìn ìyẹn jù ú nù kí o béèrè tuntun. Tí kò bá sí fídíò, tí èsì jẹ́ `ERROR_CODE_NO_FILL`, má fi bọ́tìnnì hàn rárá, kí ọ̀nà kọ́ìnì nìkan wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì tó ń ṣèlérí tí kò lè mú un ṣẹ máa ń bí èèyàn nínú ju kí ó má sí lọ.

Èkejì: mo fura pé ìgbà tí fídíò bá pa dé ni o ń fún wọn ní ìtọ́ka, pé o ń retí kí ẹ̀bùn ti dé ṣáájú. Má gbẹ́kẹ̀ lé èyí tó máa ṣáájú, pàápàá tí o bá so nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìpolówó mìíràn mọ́ ọn. Inú `OnUserEarnedRewardListener` ni kí o ti fún wọn, kí o sì kọ ọ́ sórí fóònù lójú ẹsẹ̀ kí àwòrán tó ń rìn kankan tó bẹ̀rẹ̀. Fóònù tí ìrántí rẹ̀ kéré lè pa géèmù rẹ nígbà tí fídíò ń lọ. Tí ìtọ́ka bá wà nínú ìrántí nìkan, ó ti lọ nìyẹn.

```kotlin
ad.show(activity) { _ ->
    store.addHintOnce(requestId)   // kọ sílẹ̀ kíákíá
    lastFullScreenAd = clock.now()
}
```

`requestId` ni kò ní jẹ́ kí fídíò 1 fúnni ní ìtọ́ka 2. Tí ẹ̀bùn bá jẹ́ ohun tó ń gbé èèyàn sókè lórí àtẹ ìdíje, kí sáfà rẹ gba ìjẹ́rìísí láti ọ̀dọ̀ AdMob kí o tó fún un. Fún ìtọ́ka àdììtú, mi ò ní yọ ara mi lẹ́nu. Fún ìdánwò rẹ, nọ́ńbà àyẹ̀wò AdMob, `ca-app-pub-3940256099942544/5224354917`, ni kí o máa lò fún fídíò ẹ̀bùn lórí Android. Má máa wo ìpolówó gidi tìrẹ láti fi dán nǹkan wò.

---

Fìlà_Gọ̀bì

Nípa títa, kíyè sí i: Google Play máa ń dá owó padà fún ẹni tó rà tí géèmù kò bá fọwọ́ sí ọjà náà láàárín ọjọ́ 3. Tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kọ́ìnì ń jáde, owó ń padà. Páálí kọ́ìnì, `consumeAsync` ti tó fún un. «Mú ìpolówó kúrò», `acknowledgePurchase`. Tí ó bá jẹ́ `PENDING`, owó kò tíì wọlé nìyẹn, má fún wọn ní nǹkan kan títí á fi di `PURCHASED`. Nígbàkigbà tí géèmù bá ṣí ni kí o pe `queryPurchasesAsync`, kí ẹni tó pààrọ̀ fóònù má bàa san owó «Mú ìpolówó kúrò» lẹ́ẹ̀kejì.

---

ÒpóńAyò

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èló wá ni «Mú ìpolówó kúrò»? Mo kọ dọ́là 4.99 síbẹ̀ láìrònú.

---

Àbẹ̀kẹ́_D

Ṣírò ohun tí ìpolówó abojú ń mú wá lára ẹni tó fẹ́ràn géèmù náà. Ká ní ó ń rí 6 lóòjọ́, eCPM rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 4. Dọ́là 0.024 lóòjọ́ nìyẹn, 0.72 ní ọjọ́ 30. Tí o bá tà á ní dọ́là 2.99, á kù 2.54 lẹ́yìn ìdá 15. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ 106 tí ẹni náà á fi máa wo ìpolówó lójoojúmọ́ kó tó mú iye yẹn wá, bẹ́ẹ̀ géèmù ìpele 120 kò ní gbà á tó ọjọ́ 106. Kò sí ìdí fún 4.99. Mo tiẹ̀ rò pé 1.99 ò burú, á kù 1.69, ó ṣì jẹ́ ọjọ́ 70.

Ohun tí wọ́n rà gbọ́dọ̀ ṣe kedere: ìpolówó abojú lọ, ti ìsàlẹ̀ ojú fóònù náà lọ, títí láé. Tí o bá tún pè é ní «ìpolówó díẹ̀» lẹ́yìn oṣù 6, olè ni.

---

JagunÈrè

Fídíò ẹ̀bùn ńkọ́? Ẹni tó ti ra «Mú ìpolówó kúrò», tó há ní ìpele 90, ṣé kó tún wo fídíò?

---

BàbáKóòdù

Kí bọ́tìnnì náà wà fún un. Òun ló ń yàn án, kò sí ẹni tó fipá mú un. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sí ojú ìwé títà kí ó tó sanwó pé fídíò tí ó bá yàn fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

---

Àbẹ̀kẹ́_D

Mi ò gbà, Bàbá, ẹ má bínú. Ẹni tó ka «Mú ìpolówó kúrò», ohun tó yé e ni pé òun kò ní rí ìpolówó mọ́. Ẹ fún un ní ìtọ́ka 5 ojoojúmọ́ náà láìsí fídíò. Ní eCPM dọ́là 10, ìtọ́ka 5 jẹ́ dọ́là 0.05 lóòjọ́ fún ẹni tó bá lò ó tán, ọ̀pọ̀ kò sì ní lò ó tán.

---

BàbáKóòdù

Dọ́là 0.05 lóòjọ́ ju 0.024 ti ìpolówó abojú tí ẹ ṣírò lọ, Àbẹ̀kẹ́. Tí ẹ bá fi fídíò kún un, 1.99 kò tó mọ́: ọjọ́ 23 péré ló máa fi jẹ ẹ́ tán. Tí ó bá máa rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí 2.99, tàbí kí ìtọ́ka ọ̀fẹ́ jẹ́ 2 lóòjọ́.

---

Àbẹ̀kẹ́_D

Ìtọ́ka 2 láìsí fídíò, 3 tó kù pẹ̀lú fídíò fún ẹni tó bá fẹ́, ní dọ́là 2.99. Màá fara mọ́ ìyẹn, bí mi ò tilẹ̀ fẹ́ràn 3 tó kù yẹn. ÒpóńAyò, bí o bá pín àwọn tuntun sí méjì fún ìpele 15, pín wọn fún èyí náà lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ bá parí. Má ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, o ò ní mọ èyí tó fa èwo.